Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ẹgbẹ́ Wa: Ẹ Bá Mi Sún Pépà Kan Síwájú

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìdánwò ẹgbẹ́ àwa oníṣirò owó,

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sì kú ìmúrasílẹ̀ sáà ìdánwò tó ń bọ̀ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Mo forúkọ sílẹ̀ láti ṣe pépà àyẹ̀wò ìwé owó ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ibi iṣẹ́ mi ti ní kí n lọ sí ẹ̀ka wa kan tó jìnnà gan-an, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi sì bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò gẹ́lẹ́. Pépà kejì tí mo forúkọ fún, èyí tó wà ní ọjọ́ 8, mi ò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Màá ti padà dé nígbà yẹn, màá sì jókòó ṣe é.

Mo ti fi fọ́ọ̀mù ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín bó ṣe yẹ. Ohun tó jẹ́ kí n tún máa kọ èyí síta ni pé fọ́ọ̀mù náà kò ní àyè fún ọ̀rọ̀ mi. Ìdí mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè mú: àìsàn, ikú ẹbí tó sún mọ́ni, àti ìbímọ. Bí ìdí tìrẹ kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ibi tí o lè kọ ọ́ sí. Akọ̀wé tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣe dáadáa sí mi, ó ní kí n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n òun náà sọ pé òun ò rí i kí ẹ fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe ìdánwò yín ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹni tó ń gba owó oṣù kò sì lè sọ pé òun ò ní lọ síbi tí wọ́n bá rán òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọjọ́ tẹ̀ léra, torí ọjọ́ ló máa sọ bóyá òótọ́ ni mò ń sọ. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni gbèdéke tí ẹ fún wa láti yọ orúkọ kúrò nínú pépà láìpàdánù owó. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá, ìrìn-àjò kankan kò sí níwájú mi. Ọjọ́ 17 ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ẹni tó ń bójú tó ọjà ní ẹ̀ka tí mò ń sọ yìí kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 30 oṣù náà ni ọdún ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ wa ń parí. Ọjọ́ yẹn la gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọjà tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí. Láfikún sí i, wọ́n ti ṣètò tipẹ́ pé ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni ẹ̀ka náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà tuntun, iye ọjà tí a bá kà ni wọn yóò sì kó wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Ìwé tí mo gbà ní kí n dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 28, kí n má sì kúrò níbẹ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ 3 tó parí.

Ẹnìkan lè ní òkèèrè la ti ń wo igi gogoro kó má bàa gún ni lójú. Igi tó bá ti wà níwájú ẹni tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ètò kíka ọjà. Kò sí bí n bá ṣe mọ̀.

Ẹ̀yin mọ ohun tí kíka ọjà ìparí ọdún jẹ́. Àmọ́ níwọ̀n bí lẹ́tà ṣíṣí ti jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ń kà, mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ pé kí n ka páálí kí n sì máa lọ ilé ni.

Iye ọjà tó kù nílẹ̀ lópin ọdún ló ń sọ iye èrè tí ilé-iṣẹ́ jẹ. Ohun tí a ní nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, a ó fi ohun tí a rà kún un, a ó yọ ohun tó ṣẹ́kù lópin ọdún kúrò, ìyókù ni iye tí ọjà tí a tà ná wa. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lórí ìwé, iye tí ọjà ná wa yóò dín kù, èrè yóò sì wú ní iye kan náà. Kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó purọ́, àmọ́ ìwé ti ṣìnà.

Ibi tó ti máa ń ṣìnà jù ni ààlà láàárín ọdún tó ń parí àti èyí tó ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù kan já 400 páálí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29, tí iye tí a ra páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50. Àwọn páálí náà wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 30, nítorí náà àwọn tó ń kà yóò kà wọ́n mọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó kọ ìwé ìgbẹ́rùwọlé ti lọ sílé, ó di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá kó tó kọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọjà wà nínú ọdún tó parí, rírà rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀ wà nínú ọdún tuntun. Èrè ọdún tó parí ti fi 20,000 wú. Ọdún tuntun ni yóò san án, torí yóò gbé ọjà náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó bá nílẹ̀, yóò tún gbé e gẹ́gẹ́ bí ohun tó rà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń rán mi lọ, ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ọ̀nà tí a fi ń dènà rẹ̀ kò le, ó kàn gba kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó ń wá. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, a ó kọ nọ́ńbà ìwé ìgbẹ́rùwọlé tó gbẹ̀yìn àti nọ́ńbà ìwé ìgbẹ́rùjáde tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. A ó ti ilẹ̀kùn, ẹrù kò ní wọlé, kò ní jáde. Àwọn tó ń kà yóò máa lọ ní méjì méjì, ọ̀kan ń kà, èkejì ń kọ. Bébà tí wọ́n ń kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀ kó má bàa sí èyí tí yóò sọnù, kò sì gbọdọ̀ ní iye tí kọ̀ǹpútà gbà pé ó wà nílẹ̀, nítorí ẹni tó ti rí i pé 120 ni wọ́n ń retí, 120 náà ni yóò rí. Ọjà oníbàárà tó ti sanwó tán ṣùgbọ́n tí kò tíì gbé ẹrù rẹ̀ lọ, a ó yà á sọ́tọ̀, torí kì í ṣe tiwa mọ́. Ọjà tó ti bàjẹ́ náà, a ó yà á sọ́tọ̀, torí iye tí a rà á kọ́ ni yóò máa jẹ́ lórí ìwé.

Kíkà fúnra rẹ̀ lè parí ní ọjọ́ kan. Iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ló dá mi dúró. Ní ọjọ́ 1 àti ọjọ́ 2, a ó máa fi ohun tí a kà wé ohun tó wà nínú ìwé, ibi tí wọn kò bá ti bára mu, a ó padà lọ kà á. Ọjọ́ 3 ni wọn yóò kó iye tó ti dájú wọ ètò tuntun, tí a ó tún un yẹ̀ wò ní ìlà dé ìlà, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, tí ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àṣìṣe tó bá wọ inú ètò tuntun kò ṣe é rí mọ́ láìjẹ́ pé a tún gbogbo rẹ̀ kà. Lójú tèmi, ọjọ́ 3 yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni ọjọ́ tí ẹ kọ sára ìwé ìdánwò mi.

Mo bi ọ̀gá mi bóyá ẹlòmíì lè lọ. Àwa méjì la mọ iṣẹ́ náà ní olú ilé-iṣẹ́. Ẹnì kejì mi ló ń kọ ìwé rírà fún ẹ̀ka yẹn gan-an, ẹni tó bá sì ń kọ ohun tí a rà, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò máa darí kíka ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mo tún bèèrè bóyá mo lè kúrò ní alẹ́ ọjọ́ 2 kí n sì padà ní ọjọ́ 4. Odidi ọjọ́ kan ni ìrìn-àjò láti ibẹ̀ dé gbọ̀ngàn ìdánwò tó sún mọ́ ọn jù, nítorí náà bí mo bá kúrò ní alẹ́ ọjọ́ 2, ojú ọ̀nà ni ìdánwò yóò bá mi.

Ní ti ṣíṣe ìdánwò láti ibi tí mo bá wà, mo mọ̀ pé ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Mo ka ìlànà rẹ̀ ní àkàtán. Ẹ fẹ́ yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, tí ẹlòmíì kò ní wọ̀ títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kámẹ́rà ká ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti abẹ́ tábìlì hàn. Ẹ sì fẹ́ kí ẹ̀rọ ayélujára má já rárá, torí bó bá já pẹ́, ìdánwò ti parí nìyẹn. Ìlànà tó dára ni, mi ò bá yín jà lórí rẹ̀. Ibùgbé òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi mí sí níbẹ̀, mẹ́rin la ó wà nínú yàrá kan, ọ́fíìsì tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kò sì ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ká tiẹ̀ ní mo rí yàrá, wákàtí tí ìdánwò ń lọ náà ni wákàtí tí wọn yóò máa kó iye ọjà wọ kọ̀ǹpútà. Ojú mi kò lè wà níbi méjì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ẹ ń kọ́ wa bá yín sọ̀rọ̀. Ìlànà Àyẹ̀wò Ìwé Owó Àgbáyé 501 wà nínú pépà tí mò ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí yìí. Ó ní bí iye ọjà bá tó ohun tó lè yí ìwé owó padà, ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń kà á, àfi bí kò bá ṣeé ṣe. Ìlànà náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní bí ohun àìròtẹ́lẹ̀ bá dí ọ́dítọ̀ lọ́wọ́ àtilọ, kó ka díẹ̀ nínú ọjà náà tàbí kó wo bí wọ́n ṣe ń kà á ní ọjọ́ mìíràn, kó sì yẹ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde láàárín ọjọ́ méjèèjì wò. Kò ní kó fi àyẹ̀wò náà sílẹ̀, kò sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà. Ọjọ́ mìíràn ló ní kó wá, pẹ̀lú iṣẹ́ díẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín.

Àlàyé tó tẹ̀ lé ìlànà yìí tún sọ ohun kan tí mi ò ní fi pamọ́, bó tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lòdì sí mi: pé ohun tó kàn ni ọ́dítọ̀ lára lásán kò tó láti sọ pé kò ṣeé ṣe fún un láti lọ. Ó yẹ kí ìwọ̀n kan náà bá wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sọ pé ọ́fíìsì dí, pé ìpàdé pọ̀, pé ọ̀gá kò fún òun láyè láti kàwé. Ìyẹn ló ń ni gbogbo wa lára, a sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó forúkọ sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ yàtọ̀: ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìdánwò jẹ́ ọ̀kan náà, ìrìn ọjọ́ kan wà láàárín ibi méjèèjì, ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí gbèdéke yín ti kọjá. Bí àwọn tó ṣe ìlànà fún ọ́dítọ̀ tó ń buwọ́ lu ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè fún un ní ọjọ́ mìíràn, mo rò pé ìgbìmọ̀ tó ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí ìlànà yẹn gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Kí ẹ tó sọ wá di ọmọ ẹgbẹ́ pátápátá, ẹ ní kí a mú ẹ̀rí ìrírí iṣẹ́ ọdún 3 wá, kí ọ̀gá wa sì buwọ́ lù ú. Nínú ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ pé kí a ti ṣe ni dídarí kíka ọjà àti títún ìwé owó tò nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà bá yí padà. Ohun méjèèjì ni mò ń lọ ṣe yìí. Apá kan nínú ọ́fíìsì yín yóò gba iṣẹ́ náà wọlé fún mi, apá kejì yóò sì fi ìyà rẹ̀ jẹ mí.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì tọ́. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, ẹni tí kò kàwé yóò wá lẹ́tà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò ní wọ́n rán òun níṣẹ́ pàjáwìrì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mi ò ní kí ẹ gba lẹ́tà kankan gbọ́ torí pé ó ní àmì ilé-iṣẹ́ lórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irọ́ irú èyí ṣeé mú, bí ẹni tó ń wò ó bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Bí wọ́n bá ti rán ẹni náà níṣẹ́ kí gbèdéke yíyọ orúkọ tó kọjá, kò ní àwíjàre, torí ó láyè láti yọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè ẹni tó yan ọjọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀gá tàbí akẹ́kọ̀ọ́ lè sún sí ọjọ́ mìíràn ni, kí wọ́n sún un. Ọjọ́ tí ọdún ìṣirò owó ń parí kò ṣeé ṣàdédé sún, ó wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ ti fi sọ́dọ̀ ìjọba. Bí ẹ bá fẹ́ pe ilé-iṣẹ́, ẹ má pe nọ́ńbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú lẹ́tà. Ẹ wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹni tó buwọ́ lù ú. Ẹ tún wo ohun tí ẹni náà ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó fẹ́ sá fún ìdánwò kì í sábà fi pépà kan sílẹ̀ kó sì di èkejì mú. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi òfin dè é, ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni pépà kan lè jẹ́ èyí tí wọ́n sún nítorí iṣẹ́. Èmi á fara mọ́ ọn.

Ìṣòro tó wà nínú ẹ̀rí tèmi ni àṣírí. Lẹ́tà tí ọ̀gá mi kọ dárúkọ ẹ̀ka náà, ó sọ ìdí tí òṣìṣẹ́ kan fi lọ, ó tún sọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀yáwó báńkì tó rọ̀ mọ́ iye ọjà. Pípa àṣírí mọ́ wà nínú ìlànà ìwà márùn-ún tí a fi ń dá oníṣirò owó mọ̀, mi ò sì lè gbé ìwé bẹ́ẹ̀ sórí ayélujára nítorí kí n lè rí nǹkan gbà. Nítorí náà mo ní kí ọ̀gá mi kọ lẹ́tà mìíràn tó kúrú. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n pàṣẹ fún mi, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, àti ìdí tí ẹlòmíì kò fi lè lọ. Ìyẹn ni mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ ìrìn-àjò mi. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ rí lẹ́tà kíkún, ọ̀gá mi ti gbà pé kí ẹni náà wá kà á ní ọ́fíìsì wa, ṣùgbọ́n kò ní mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Mo gbàgbọ́ pé ẹ lè fi ọ̀nà yìí gba ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn mìíràn náà, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ tí orúkọ oníbàárà kò gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ gan-an, kó má bàa sí àṣìgbọ́, nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ "a sún un síwájú" sí iwájú pépà náà nínú ìwé èsì mi, kí ẹ má kọ "kò wá". Lábẹ́ òfin yín, "kò wá" jẹ́ ìgbìyànjú kan, ó sì máa ń dúró lórí ìwé títí láé. Agbanisíṣẹ́ tó bá rí i kò ní bèèrè ìdí. Mo fẹ́ kí owó ìdánwò tí mo san tẹ̀ lé pépà náà lọ sí sáà tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti sanwó àyè ìjókòó mi ní gbọ̀ngàn, nítorí náà bí ẹ bá ní kí n san owó iṣẹ́ ọ́fíìsì, màá san án, bí owó pépà bá sì ti gòkè nígbà yẹn, màá fi ìyàtọ̀ rẹ̀ kún un.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ọjọ́ kún iye ọdún tí a fún wa láti parí ìpele tó kẹ́yìn. Iye ọdún tèmi ń lọ, kó máa lọ, ó ṣì gba sáà tó ń bọ̀. Mi ò tún bẹ̀ pé kí ẹ fi ìbéèrè ọdún yìí dán mi wò. Bí ẹ bá ti yí àwọn ìlànà tí ẹ fi ń dán wa wò padà fún sáà tuntun, tuntun náà ni màá kà. Mo sọ èyí torí ẹnìkan tí mo mọ̀ nínú ẹgbẹ́ mìíràn gba ìsúnsíwájú, ó jókòó ti ìwé àtijọ́, ìbéèrè tuntun ló bá nínú gbọ̀ngàn, ó wá ń bínú sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò tọ́. Ẹni tí wọ́n bá bá sún pépà, òun ló yẹ kó lọ wo ohun tó ti yí padà.

Bí ẹ bá sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rọ̀ yín kí ẹ fi ìdí kẹrin kún fọ́ọ̀mù náà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: iṣẹ́ pàjáwìrì tí agbanisíṣẹ́ rán ni lọ lẹ́yìn gbèdéke. Kó gba ìwé tó pọ̀ ju ti ìdí mẹ́ta yòókù lọ, kò burú. Kó ṣáà wà níbẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ni mo máa gbéra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èsì yín dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ 26, torí lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá ímeèlì yóò máa wọlé fún mi déédéé. Bí ẹ bá gbà, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mi wà lórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ kàn yọ mí kúrò nínú ìwé ìjókòó ọjọ́ 3, kí ẹ sì fi ti ọjọ́ 8 sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ bá mi kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Òfin yín fún mi ní ọjọ́ 10 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, inú ilé ìkẹ́rùsí sì ni màá ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa dáhùn kí n tó kúrò nílé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín ní ìpele tó kẹ́yìn